Ọkọ mi kú láìṣe wíìlì: ṣé kí n kó ẹrù mi kúrò nílé?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ó pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ mi ti kú, kò sì ṣe wíìlì. Ọmọ mẹ́ta la bí, ọmọ ọdún 14, 11 àti 7. Kabba ni ilé wa wà, lórí ilẹ̀ tí ọkọ mi fi owó ara rẹ̀ rà ní 2012. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n máa lọ sílé bàbá mi ní Iyara kí òun lè fi ilé náà háyà, nítorí àṣà Yorùbá kò gbà kí opó jogún ọkọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ìdajì òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sọ. Ìdajì kejì tí kò sọ ni kò jẹ́ kí ilé náà di tirẹ̀.

Lábẹ́ àṣà wa, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, nítorí náà kì í bá wọn pín ogún. Ilé ẹjọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé àwọn òyìnbó, wọ́n sì tún un sọ ní 1957 nínú ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Suberu àti Sunmonu. Ìdí tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ará ilé ọkọ lè jogún. Òde òní, ta ló tún ń fi tipátipá ṣú opó láàárín wa? Ní tèmi, ìdí yẹn ti kú, ó sì yẹ kí òfin tí ó gbé dúró tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i ní kóòtù, ẹ má ṣe gbé e sọnù bí ohun tí kò sí.

Ẹ wá jẹ́ kí á béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò béèrè: ta ni ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ olóògbé jù? Àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kì í jogún, àti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló sì dọ́gba níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ yín kú, ilé Kabba yẹn di ohun ìní àwọn ọmọ mẹ́ta yín lápapọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè jẹ́ àgbà tí a ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, ó sì lè bá yín wá owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò ní yàrá kan ṣoṣo nínú ilé náà. Kò lè fi háyà kí owó wọ àpò rẹ̀. Tí ó bá tà á, ó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó rà á kò sì rà nǹkan kan.

Ibi tí ẹsẹ̀ tiyín dúró sí nìyí. Ọmọ ọdún 14, 11 àti 7 kò lè dá gbé. Ìyá wọn ni ẹ jẹ́, inú ilé tí ó jẹ́ tiwọn ni ẹ ń gbé pẹ̀lú wọn. Yàtọ̀ sí èyí, àṣà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé opó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé nílé ọkọ rẹ̀. Gbígbé nìkan ni, kì í ṣe ti títà: ẹ kò lè ta ilé náà, ẹ kò lè fi yáwó, àti pé tí ẹ bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ẹ̀tọ́ tiyín láti máa gbé ibẹ̀ lè dópin, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ kò dópin.

Ẹ kò sọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe fún mi, ó sì lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ní 1898, ọkùnrin kan tó ti gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kú láìṣe wíìlì, arákùnrin rẹ̀ sì lọ sí ilé ẹjọ́ l'Ékòó pé òun ni àṣà fún ní ogún. Ilé ẹjọ́ kọ̀. Wọ́n ní òfin tó bá irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ rìn ni yóò pín ogún náà, kì í ṣe àṣà. Ẹjọ́ yẹn ni a ń pè ní Cole àti Cole. Àwọn adájọ́ tó tẹ̀ lé e ti fi kún un pé a tún gbọ́dọ̀ wo bí tọkọtaya náà ṣe gbé ìgbésí ayé wọn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ẹjọ́ náà ṣí ṣì wà ní ṣíṣí. Opó tó ṣe ìgbéyàwó abẹ́ òfin lè di olùjogún fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ẹ lọ yọ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín jáde kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́kùn Ọ̀kun ló gbàgbọ́ pé níwọ̀n bí pásítọ̀ ti so wá pọ̀ tí a sì wọ aṣọ funfun, ó ti parí. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba láti so ènìyàn pọ̀, ìkéde gbọ́dọ̀ ti wáyé lọ́dọ̀ rẹ́jísírà ṣáájú, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n sì fún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Òfin Ìgbéyàwó, èyí tí a ń pè ní Fọ́ọ̀mù E, tó ní nọ́ḿbà. Tí ó bá jẹ́ pé ìdána lẹ ṣe, tí ṣọ́ọ̀ṣì kàn gbàdúrà sí i, tí wọ́n sì fún yín ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni tiyín. Ẹ má fòyà tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀: ohun tí mo sọ nípa àwọn ọmọ kò yí padà.

Ní ti Mùsùlùmí, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ó sì ṣe kedere: ìpín kan nínú mẹ́jọ ni ti opó tí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìpín kan nínú mẹ́rin tí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, àwọn ni yóò pín in láàárín ara wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní òun ti fẹ́ lọ gba ìwé ní Lọ́kọ́ja. Ìwé wo nìyẹn, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé ni, tí àwọn lọ́yà ń pè ní lẹ́tà ádímínísítírésọ̀n. Ọ́fíìsì pùròbéètì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́kọ́ja ló ń fúnni. Ibí yìí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ opó pàdánù, kì í ṣe nínú ẹjọ́: ẹlòmíràn á ti gba ìwé, kí opó tó gbọ́ pé ìwé wà. Ẹ mọ̀ pé ìwé yìí kò sọ ẹni tó gbà á di olówó ilé. Ó kàn gbé ẹrù lé e lọ́wọ́ pé kó kó ohun ìní jọ, kó san gbèsè, kó sì fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n bánkì àti ẹni tó fẹ́ ra ilé á máa wo orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn.

Ẹ̀yin lẹ ṣáájú ẹ̀gbọ́n ọkọ yín níbẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń tò ó ni pé ọkọ tàbí aya olóògbé ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà òbí, kí ó tó kan ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nítorí pé àwọn ọmọ yín kò tíì pé ọdún 18, ilé ẹjọ́ yóò fẹ́ kí ẹ jẹ́ ẹni méjì. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n yẹn ṣe ẹnìkejì nítorí ìtìjú. Ṣé ọkọ yín ní àbúrò obìnrin tó fẹ́ràn àwọn ọmọ? Òun ni kí ẹ mú. Ọwọ́ ẹbí á wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa lè sọ pé ẹ dá a ṣe.

Ohun tí ẹ máa gbé lọ ni ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn, ìwé ìgbéyàwó yín, ìwé ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí olóògbé ní títí kan owó bánkì, àti onídùúró méjì. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde.

Kí gbogbo èyí tó parí, ẹ kọ́kọ́ fi kéfíátì síbẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ni, pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà lórí ohun ìní olóògbé láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Oṣù mẹ́ta ló máa ń lò, ẹ sì lè tún un ṣe. Tí apá kò bá ká owó lọ́yà, Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni olóògbé kọ sí fọ́ọ̀mù bánkì bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ẹni tí bánkì á pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sọ ọ́ di ajogún.

Rìsíìtì ilẹ̀ 2012 yẹn ńkọ́? Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ gbé ojúlówó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Tí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, ẹ lọ, ẹ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, kí ẹ tẹ́tí, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀. Ẹ má sì kó lọ sí Iyara "fún ìgbà díẹ̀". Ẹ̀tọ́ yín kò ní sọnù tí ẹ bá lọ, àmọ́ wọ́n á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì wá máa sá wọ kóòtù kí ẹ tó lè padà wọlé.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní Mopa kò bímọ fún ọkọ rẹ̀ tó kú, inú agbo ilé ẹbí ni wọ́n kọ́lé sí. Ṣé bákan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, tirẹ̀ le jù. Ilẹ̀ ẹbí kò kúrò ní ilẹ̀ ẹbí nítorí pé ẹnì kan kọ́lé sórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ọmọ, òbí àti àwọn ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni àṣà á kọjú sí. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún un, àfi tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá jẹ́ ti Fọ́ọ̀mù E.

Síbẹ̀ wọn kò lè jí láàárọ̀ kí wọ́n jù ú síta. Ní oṣù kẹrin 2014, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ opó kan láti Awka tí ó bí ọmọbìnrin nìkan, tí ẹbí ọkọ sì ní kó jáde nílé nítorí pé kò bí ọkùnrin. Ilé ẹjọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà, wọ́n sì jẹ́ kí obìnrin náà jàre. Anekwe àti Nweke ni orúkọ ẹjọ́ náà, kí lọ́yà rẹ̀ mú un dání. Tí òun náà bá fi owó sí ilé yẹn, kó wá rìsíìtì páànù, sìmẹ́ńtì àti owó bíríkìlà jáde báyìí. Kó sì wá bíríkìlà náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́rìí sí ọwọ́ ẹni tó ń san owó fún un.