Òfo tí ilé-iṣẹ́ yín gbé jáde kò ní kí owó tìẹ pé

Ó tún ti dé o. Tó bá ti di oṣù kẹrin báyìí, àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ḿbà péègáàpù ilé-iṣẹ́ wọn, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin, ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ òfo á ní "ṣẹ́ ẹ rí i, wọn ò rẹ́ obìnrin jẹ níbi tiwa", ẹni tí tiẹ̀ bá wọ 20 nínú 100 á máa pariwo olè. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, torí nọ́ḿbà yẹn ò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Pé wọ́n ń fowó du obìnrin níbi púpọ̀, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Nọ́ḿbà yìí ni mò ń bá fà á. Òfin 2017 ló ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 sókè máa gbé e jáde lọ́dọọdún, ó wà lórí gender-pay-gap.service.gov.uk fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Wọ́n á to gbogbo ọkùnrin láti orí ẹni tí owó wákàtí ẹ̀ kéré jù, wọ́n á mú ẹni tó bọ́ sáàárín gbùngbùn, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn obìnrin, wọ́n á wá fi ẹni àárín méjèèjì wéra. Wọ́n tún máa ń gbé èyí tí wọ́n kó gbogbo owó pọ̀, tí wọ́n fi iye èèyàn pín in, jáde, àmọ́ ti ẹni àárín làwọn èèyàn ń gbé kiri.

Ó dáa, ká ní ọkùnrin mẹ́ta ń gba £14, £16 àti £30 ní wákàtí kan, obìnrin mẹ́ta ń gba £13, £16 àti £20. £16 làárín níhìn-ín, £16 làárín lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ di òfo. Ṣùgbọ́n tí ẹni £14 àti ẹni £13 bá jọ ń fọ ilẹ̀ kan náà, tí ẹni £30 àti ẹni £20 sì jọ jẹ́ mánéjà ńkọ́? Obìnrin méjì ti ń pàdánù lábẹ́ òfo yẹn nìyẹn o. Ìdàkejì ẹ̀ náà wà: wọ́n lè máa san iye kan náà fún gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ìyàtọ̀ ṣì tóbi, torí ọkùnrin ló kún ipò ọ̀gá.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni: ta ni mo fẹ́ fi owó mi wé? Òfin owó ọgbọọgba ò mọ ẹni àárín rárá. Ó ń fẹ́ èèyàn kan pàtó, tó jẹ́ ọkùnrin tí ìwọ bá jẹ́ obìnrin, tí iṣẹ́ yín jọra tàbí tí iṣẹ́ yín níye lórí bákan náà. Bó ṣe rí fún Samira Ahmed, obìnrin kan tó ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, àti BBC nìyẹn. £440 ni wọ́n ń san fún un lórí ètò kan, wọ́n ń san £3,000 fún Jeremy Vine lórí èyí tó jọ ọ́, ó sì jàre ní 2020 torí BBC ò rí ìdí gidi fi hàn yàtọ̀ sí pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ ara lẹ rò pó fà á, ọ̀nà ẹjọ́ míì nìyẹn, òfin 2017 ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀.

Àǹtí mi kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, £28,000 lọ́dún ni tiẹ̀, ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ £27,000, inú àǹtí ń dùn. Mo ní kí wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì wá. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni tiwọn, 37.5 ni ti ọkùnrin yẹn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 52 pín in, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí pín in: £13.46 ni tàǹtí, £13.85 ni tọkùnrin. Àǹtí ló ń gbà jù lójú ìwé, àwọn náà ló ń gbà kéré ní wákàtí.

Àǹtí ní kọ́ńtíráàtì sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ owó ẹ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ò múlẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìrẹ́jẹ ọkùnrin sóbìnrin lẹ fẹ́ mọ̀, Òfin Ìdọ́gba 2010 ti sọ ọ́. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ lọ jí ìwé owó oṣù ẹlòmíì wò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì o, wọ́n lè fìyẹn lé yín dànù.

Ṣé wọ́n wá rẹ́ àǹtí jẹ? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mánéjà wọn sọ pé ọkùnrin yẹn ní sátífíkéètì kan tí àǹtí ò ní. Tí iṣẹ́ yẹn bá nílò sátífíkéètì náà lóòótọ́, àwíjàre nìyẹn. Mo ṣáà ní kí àǹtí kọ lẹ́tà béèrè pé kí ni wọ́n ń fi sátífíkéètì ọ̀hún ṣe, kí àǹtí má sì jẹ́ kó pẹ́, torí tí wọ́n bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, oṣù mẹ́fà dín ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́ òṣìṣẹ́.