Ínfọ́ìsì iṣẹ́ ilé: àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀, kì í ṣe oṣù yìí nìkan

Bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́ ilé ńlá ò ṣòro yé èèyàn: agbaṣẹ́ṣe á ṣe díẹ̀, á mú ínfọ́ìsì wá, wọ́n á san, á tún máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nínú owó kọ̀ọ̀kan wọ́n á yọ díẹ̀ sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pè ní rítẹ́ńṣọ̀n, títí iṣẹ́ á fi parí. Ìṣirò ẹ̀ gan-an ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú, ó sì máa ń bí mi nínú torí owó gidi ló ń bá a lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé iṣẹ́ oṣù yìí nìkan ni kíú-ẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń wọn iṣẹ́ ilé tó sì ń ṣírò owó ẹ̀, ń wọ̀n. Rárá o. Gbogbo iṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí dòní ló ń wọ̀n, á yọ rítẹ́ńṣọ̀n kúrò lára àpapọ̀ yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó yọ owó tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀.

Ká sọ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan n'Íbàdàn, ₦40 mílíọ̀nù ni wọ́n gbà á, àdéhùn sì ni pé wọ́n á máa yọ 10% rítẹ́ńṣọ̀n. Nígbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ilẹ̀ tó ₦8 mílíọ̀nù, wọ́n yọ ₦800,000, wọ́n san ₦7.2 mílíọ̀nù. Nígbà kejì ògiri ti ga, àpapọ̀ iṣẹ́ ti di ₦15 mílíọ̀nù, rítẹ́ńṣọ̀n di ₦1.5 mílíọ̀nù, ó ku ₦13.5 mílíọ̀nù, wọ́n yọ ₦7.2 tí wọ́n ti san, agbaṣẹ́ṣe gba ₦6.3 mílíọ̀nù.

Wá wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é sódì. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ₦7.2 kúrò nínú ₦15, ó ku ₦7.8, wọ́n á wá yọ 10% lára ìyẹn, wọ́n á san ₦7.02 mílíọ̀nù. Ó jọ pé ó tọ̀nà àbí? Ṣùgbọ́n ₦800,000 tó yẹ kó ṣì wà nípamọ́ ti bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ₦720,000 nínú ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe láìtọ́jọ́. Ọ̀nà tí wàá fi mọ̀ ò le: ro gbogbo owó tí wọ́n ti san pọ̀ mọ́ rítẹ́ńṣọ̀n tó yẹ kó wà nílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju iye iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lọ. Níbí, ₦14.22 pẹ̀lú ₦1.5 jẹ́ ₦15.72 mílíọ̀nù, iṣẹ́ sì rèé ₦15 mílíọ̀nù ni.

Ọgbọ́n tó wà nínú kí wọ́n máa wọn gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé àṣìṣe kì í pẹ́ níbẹ̀. Tí kíú-ẹ́ẹ̀sì bá ka búlọ́ọ̀kù jù lóṣù tó kọjá, lóṣù yìí á tún un kà, iye tó tọ́ á jáde, owó tó san jù á sì yọ kúrò fúnra ẹ̀ láìsí ìjà.

Rítẹ́ńṣọ̀n náà kì í dàgbà lọ láìdúró. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló fi òpin sí i, bíi 5% iye gbogbo iṣẹ́, ìyẹn ₦2 mílíọ̀nù níbí. Tí iṣẹ́ bá ti tó ₦20 mílíọ̀nù ó ti kún nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ sí i. Ìgbà tí àpapọ̀ bá di ₦26 mílíọ̀nù, ₦2 mílíọ̀nù náà ni wọ́n ṣì máa yọ, kì í ṣe ₦2.6.

Owó yìí, ti agbaṣẹ́ṣe ni o, kì í ṣe owó ìtanràn. Ó dà bí owó àjọ tó wà lọ́wọ́ alájọ, o ti ṣiṣẹ́ fún un, o kàn ò tíì lè fọwọ́ kàn án ni. Ewu ẹ̀ náà sì ni ewu alájọ, tí alájọ bá sá lọ tàbí tó jẹ gbèsè, àjọ ti bá a lọ. Lóṣù January 2018 tí ilé iṣẹ́ Carillion wó ní Bìrìtéènì, rítẹ́ńṣọ̀n àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀ há síbẹ̀. Lójú tèmi, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ló yẹ kó wà, torí onílé tó ti fi owó yẹn ra táìsì á máa wá ẹ̀sùn sí agbaṣẹ́ṣe lọ́rùn ni tó bá dọjọ́ ìsanwó.

Tí iṣẹ́ bá ti parí tí wọ́n sì ti kọ sátífíkéètì, ìdajì á jáde, ₦1 mílíọ̀nù. Ìdajì tó kù á dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ògiri á sán tàbí òrùlé á jò, tó bá sì ṣẹlẹ̀ agbaṣẹ́ṣe ló máa wá tún un ṣe. Oṣù mẹ́fà yìí ni mi ò fara mọ́ nílẹ̀ wa. Ilé tó parí ní November, oṣù mẹ́fà ẹ̀ á pé ní May, òjò ńlá June ò tíì rọ̀ lé páànù yẹn lórí tí owó á ti lọ. Ọdún kan ló yẹ kí onílé kọ sínú àdéhùn.