Ẹ Yé Fa Ọ̀rọ̀ Bí Rọ́bà

Láàárín oṣù yìí nìkan, ìdílé mẹ́rin ló ti gbé ìwé ètò ìsìnkú wá bá mi ní Ṣómólú, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: "Ẹ bá wa jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gún régé." Wọ́n á ní àwọn fẹ́ òpó ọ̀rọ̀ méjì lójú ewé, wọ́n á tún ní kí n ki fọ́tò olóògbé bọ inú ọ̀kan. Bí mo bá ṣe é bí wọ́n ṣe wí, wọ́n á padà wá bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi jìnnà síra wọn báyìí. Ọdún 22 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀, bébà náà kò ṣẹ̀.

Ẹ wò ó. Ìwé ètò ìsìnkú tó wọ́pọ̀, A5 ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 148. Bí mo bá yọ etí ewé àti àlàfo àárín òpó méjì kúrò, òpó kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 56 lọ. Ẹ wá gbé fọ́tò sínú rẹ̀, ó ku nǹkan bí 30 fún ọ̀rọ̀. Pẹ̀lú fọ́ńtì 11, nǹkan bíi lẹ́tà 17 ló lè gbà níbẹ̀. Mo kọ "Wọ́n bí i sí". "Abẹ́òkúta" ló kàn, kò gbà mọ́, ó bọ́ sí ìlà kejì. Nǹkan bíi mílímítà 10 ló ṣófo lẹ́yìn "sí". Ẹ ti ní kí ọwọ́ ọ̀tún gún, kọ̀ǹpútà kò sì rí ibòmíràn kó òfìfo yẹn sí ju àárín ọ̀rọ̀ lọ. Àlàfo mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó jẹ́ mílímítà kan ti di mẹ́rin. Bí ìlà náà bá gba gbogbo fífẹ̀ ewé ni, àlàfo méjìlá ni ì bá pín in, ojú kankan kò ní rí i.

Nítorí náà, ẹ ka lẹ́tà inú ìlà kan, kí ẹ ka àlàfo mọ́ ọn. Bí kò bá tó 40, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún gún. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl+L, kí òsì gún, kí ọ̀tún ṣe gbágungbàgun. Bí kò bá sì dá yín lójú, ẹ yí ewé náà kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ wò ó láti òkèèrè: bí ẹ bá rí odò funfun tó ń ṣàn wá sísàlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Gígé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú háífìn lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni inú ti máa ń bí mi. Wọ́n á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé Yorùbá, "ìgbàgbọ́" á wá di "ìg-bàgbọ́". "Gb" kì í ṣe lẹ́tà méjì! Lẹ́tà kan ni, a kì í là á. "Ìgbà-gbọ́" ni. Sílébù Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, àyàfi "n" tó ń gbé ohùn gba imú. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣi ọ̀rọ̀ gé láé. Nínú Word, Ctrl+Hyphen ni ẹ ó tẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ gé e, torí háífìn yẹn á pòórá bí ọ̀rọ̀ bá kúrò ní ìparí ìlà. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ lásán kò ní kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń fi sipéèsì àti Enter tún òpó ṣe, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní atẹ̀wé, ló dá wàhálà sílẹ̀ fún màmá kan lọ́dún tó kọjá. Mo ti sọ fún màmá náà pé òpó kan ṣoṣo ni kí a lò. Ọmọ wọn ọkùnrin ní ó ti rẹlẹ̀ jù, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn rí i pé "mẹ́rìndínlógún" kò gba ìlà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, ló bá tẹ Enter sí àárín rẹ̀, kò tilẹ̀ fi háífìn sí i. "Mẹ́rìn" dúró sí ìsàlẹ̀ òpó kìíní, "dínlógún" lọ sí orí òpó kejì. Lọ́jọ́ ìsìn, ẹni tó ń ka ìtàn ìgbésí ayé kà á pé bàbá fi ọmọ-ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ sáyé, ó sì dúró mí. Kùn-ún-kùn-ún bẹ̀rẹ̀ níjókòó ẹbí. Ìyàwó ọmọ kan béèrè sókè pé ọmọ ta ni wọ́n yọ kúrò. Títí ẹni náà fi rí "dínlógún" lókè, ariwo ti bo ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá padà wá nígbà ìrántí ọdún kan. Òpó kan ni mo lò, ọwọ́ ọ̀tún kò gún, fọ́tò wà lókè lọ́tọ̀. "Ọmọ-ọmọ mẹ́rìndínlógún" wà lórí ìlà kan. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́.