Ẹ̀dà Tó Mọ́ Láti Inú Fáìlì Tí Ìlà Pupa Kún

Ní Tanke níbi tí mo ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi nígbà tó bá ku kí wọ́n báìndì ìwé ìwádìí wọn ni pé, "Àǹtí, mo ti yọ gbogbo ìlà pupa yẹn o." Ìlà pupa yìí ni àtúnṣe tí olùkọ́ wọn fi Track Changes ṣe sínú fáìlì Word wọn. Bí mo bá ṣí fáìlì náà, wọn ò yọ ọ́. No Markup ni wọ́n yàn lábẹ́ Review, ìyẹn sì kàn ń fi àwọn àtúnṣe pamọ́ lójú ni. Ẹni tí wọ́n bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí lè ṣí i, kó bá gbogbo ohun tí olùkọ́ wọn fagi lé níbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi Save As ṣe ẹ̀dà mìíràn, kí ti olùkọ́ wà bó ṣe wà. Nínú ẹ̀dà tuntun yìí, ẹ yan All Markup, kí ẹ sì kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ etí ìwé, ìyẹn Comments. Ọ̀rọ̀ etí ìwé kì í tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó bá béèrè, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "A gba èsì lọ́wọ́ oníṣòwò 120 ní Ọjà Ọba." Olùkọ́ fagi lé 120, ó fi 150 rọ́pò rẹ̀, ó wá kọ sétí pé: "120 ló wà nínú tábìlì. Èwo ló tọ̀nà?" Bí ẹ bá sáré tẹ Accept All Changes, 150 á wọlé, tábìlì á ṣì máa sọ 120. Bí ẹ bá tún pa ọ̀rọ̀ etí náà rẹ́, kò sí ohun tó máa rán yín létí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé fọ́ọ̀mù 150 lòun pín, 120 ló padà wá. Nítorí náà, ẹ tẹ Reject lórí àtúnṣe méjèèjì, torí Word ka èyí tí wọ́n fagi lé sí ọ̀tọ̀, ó ka èyí tí wọ́n fi kún un sí ọ̀tọ̀. Ẹ pa Track Changes, kí ohun tí ẹ fẹ́ kọ má baà tún di ìlà pupa, kí ẹ wá kọ: "A pín fọ́ọ̀mù fún oníṣòwò 150 ní Ọjà Ọba, 120 ló dá a padà."

Àwọn yòókù, Accept and Move to Next ni kí ẹ máa fi gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í gba nọ́ńbà àti orúkọ èèyàn wọlé láìwò wọ́n.

Lẹ́yìn náà, lábẹ́ Review, ẹ lọ sí Delete, kí ẹ yan Delete All Comments in Document. Resolve kò tó, ńṣe ló kàn máa fi hàn pé ẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà nínú fáìlì. Bí wọ́n bá fa ọ̀rọ̀ yọ, àlàfo méjì sábà máa ń ṣẹ́ kù síbi tó wà: ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ fi àlàfo kan rọ́pò méjì.

Ẹ parí rẹ̀ ní File, Info, Check for Issues, Inspect Document. Tó bá ṣì rí àtúnṣe, ẹ má tẹ Remove All o, torí ńṣe ló máa gba gbogbo wọn wọlé láìbi yín. Ẹ padà lọ wá ibi tí wọ́n wà.