Ọjà Aṣílẹ̀kùn: Ìdí tí Anìkàntà Fi Lè Má Gba Ju Ìpíndọ́gba Ìnáwó Rẹ̀ Lọ

Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ń ná ojú ọ̀nà kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé iye tó bá wu ọlọ́kọ̀ ni yóò máa gbà. Lọ́dún 1982, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, William Baumol, John Panzar àti Robert Willig, ṣàlàyé pé kì í ṣe iye ẹni tó ń tajà ló yẹ ká kọ́kọ́ kà. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni ká wò. Ṣé ẹlòmíì lè wọlé wá tajà náà láìsí ìdíwọ́? Bó bá sì fẹ́ jáde, ṣé yóò rí owó rẹ̀ kó lọ? Ọjà tó bá rí bẹ́ẹ̀ la ó máa pè ní ọjà aṣílẹ̀kùn.

Ká ṣe àpẹẹrẹ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń kó èrò láti abúlé kan lọ sí Kuje, ní Àbújá. A yan àwọn iye yìí kí ìṣirò lè rọrùn ni. Lójoojúmọ́, ₦28,000 gbọ́dọ̀ jáde, èrò ì báà pọ̀, ì báà kéré: owó tí awakọ̀ ń kó fún ẹni tó ni ọkọ̀, owó iṣẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ àti owó garéèjì. Èrè tó tọ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, epo àti àtúnṣe ń jẹ ₦200 lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ₦1,100, èrò 45 ló ń wọ̀ ọ́ lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tí ₦20 bá kúrò nínú owó ọkọ̀, èrò kan á lé sí i.

Ká ní ìlẹ̀kùn tì, ₦1,100 yẹn gan-an ló máa lérè jù: ₦49,500 á wọlé, ₦37,000 á jáde, ₦12,500 á ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, ọlọ́kọ̀ kan láti Gwagwalada lè já wọ ọ̀nà yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó gba ₦1,000. Èrò 50 á wọ̀ ọ́, yóò sì jèrè ₦12,000 lóòjọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sì já owó tirẹ̀ wálẹ̀, àlejò á darí bọ́ọ̀sì rẹ̀ padà, láìpàdánù nǹkan kan, nítorí táyà ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè dé nígbàkigbà kò ní dúró sórí ₦1,100. Kódà kó gba ₦650, ẹlòmíì lè gba ₦640, kó kó èrò 68, kó ṣì jèrè ₦1,920.

₦600 ni ìsáré yìí ti máa dúró. Níbẹ̀, èrò 70 ló ń wọkọ̀. Ẹ pín ₦28,000 sí ọ̀nà 70, ó di ₦400; ẹ fi ₦200 epo àti àtúnṣe kún un, ó di ₦600. Ìpíndọ́gba ìnáwó nìyẹn. Kò ní lè gba ₦200 péré, nítorí ₦28,000 yóò di àdánù rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá sì pín èrò 70 náà ní ₦600, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba ₦21,000, á sì ná ₦35,000. Nítorí náà, ọkọ̀ kan náà ló máa wà lójú ọ̀nà. Owó ọkọ̀ ló yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ ni owó tí a kò lè gbà padà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àlejò gbọ́dọ̀ san ₦150,000 fún garéèjì kó tó lè kó èrò, tí kò sì sí ìdápadà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá já owó ọkọ̀ sí ₦600 lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ₦24,000 péré ni àlejò ti jẹ. ₦126,000 ti wọlẹ̀. Kò ní wá rárá, ₦1,100 á sì dúró. Ẹ kíyè sí i pé owó ńlá nìkan kì í ti ìlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì wọ́n ju ₦150,000 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n èèyàn lè tà á. Kànga ẹ̀rọ àti páìpù omi kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbẹ́ kànga kò lè hú u lọ sí abúlé mìíràn.

Ìyára náà ṣe pàtàkì. Àlejò gbọ́dọ̀ lè jèrè tirẹ̀ kí onílé tó yí iye padà. Ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn onímọ̀ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà tú òfin iye owó tíkẹ́ẹ̀tì ká lọ́dún 1978, torí pé bàálù lè ṣí kúrò ní ọ̀nà kan lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lè yí iye tíkẹ́ẹ̀tì padà láàárín wákàtí díẹ̀, ààyè ní pápákọ̀ òfuurufú kì í sì í fìgbà gbogbo ṣófo. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń ga níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń fò kò bá pọ̀. Ẹni tó ti wọlé ń já owó wálẹ̀ ju ẹni tó kàn lè wọlé lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlẹ̀kùn ọjà kan ṣí lóòótọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ pé: nínú gbogbo owó tó fi wọlé, èló ló rí kó jáde?