Kóòdù Wáífáì tó wà nínú àwòrán: bí fóònù ṣe ń kà á láìsí kámẹ́rà

Àlejò kan dé sílé ní Ìbàdàn, onílé sì ti lọ síbi iṣẹ́. Dátà àlejò ti fẹ́ tán, ó ní kí onílé fún òun ní Wáífáì. Onílé ò rántí páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Ó ṣí ètò Wáífáì lórí fóònù tirẹ̀, ó gbé kóòdù QR jáde, ó ya sikirínṣọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù. Àwòrán dé, ìṣòro náà sì dé. Ẹ̀yìn fóònù ni kámẹ́rà wà, ojú fóònù yẹn kan náà sì ni kóòdù wà. Ojú ò lè yí padà wo ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá fóònù kejì, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, wọ́n á wá fi tiwọn yà á láti ibẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì burú bí fóònù míì bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan, nítorí kámẹ́rà kọ́ ló ń ka kóòdù. Iṣẹ́ kámẹ́rà ò ju kó mú àwòrán wá lọ. Áàpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kàwé, bí àwòrán bá sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí a tún ń fi kámẹ́rà ṣe.

Ìwé wo ló wá ń kà? Kóòdù QR kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, kò sì sí àdììtú kankan nínú rẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n fi àpótí kéékèèké dúdú àti funfun kọ dípò álífábẹ́ẹ̀tì. Ká ní Ile-Alafia ni orúkọ Wáífáì ilé yẹn, tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ Ewa;Agoyin7, ohun tó wà nínú àwòrán náà nìyí:

```
WIFI:S:Ile-Alafia;T:WPA;P:Ewa\;Agoyin7;H:false;;
```

WIFI ló ń sọ fún fóònù pé Wáífáì ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe línkì. Orúkọ ló tẹ̀lé S, irú ààbò tí ráútà ń lò ló tẹ̀lé T, páásíwọ́ọ̀dù ló tẹ̀lé P. H ń sọ bóyá onílé fi orúkọ Wáífáì náà pamọ́. False túmọ̀ sí pé kò fi pamọ́. Sẹmikólọ̀nù ló ń pààlà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ìlà tó ṣubú sẹ́yìn, \, fi wà ṣáájú sẹmikólọ̀nù inú páásíwọ́ọ̀dù: ó ń sọ fún fóònù pé èyí kì í ṣe ààlà, ara ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù yìí, Ewa;Agoyin7 ni kó tẹ̀. Bó bá da ìlà yẹn pọ̀ mọ́ ọn, ráútà á ní páásíwọ́ọ̀dù ò tọ̀nà, onítọ̀hún á sì máa rò pé kóòdù ló bàjẹ́.

Lórí aifóònù tó ń lo iOS 15 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi àwòrán náà pamọ́ sínú Photos, a ó ṣí i, a ó wá tẹ orí kóòdù mọ́lẹ̀ díẹ̀. Fóònù á bèèrè bóyá ká wọ Wáífáì náà. Lórí Android, a lè ṣí àwòrán nínú Google Photos ká tẹ Lens, á sì gbé orúkọ Wáífáì náà jáde. Àwọn Samsung kan tún ní ọ̀nà tó yá jù: nínú ètò Wáífáì, àmì kóòdù kan wà lókè, bí a bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á ṣí, àmì àwòrán á sì wà níbẹ̀ tí a fi lè mú sikirínṣọ́ọ̀tì wá láti inú fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, bí a bá ti ní zbar-tools, tó ń ka kóòdù láti inú àwòrán, tí àwòrán náà sì ń jẹ́ wifi.png, àṣẹ kan péré ni:

```
zbarimg --raw wifi.png
```

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WIFI yẹn gan-an ló máa tẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ pátá.

Kí a tó ṣe wàhálà kankan, ó dára ká tún àwòrán náà wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sábẹ́ kóòdù náà gan-an. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ò bá gé e kúrò, a kàn lè kà á ká tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ẹni tó jà fún bíi wákàtí kan lórí ohun tó wà lójú ẹ̀.

Bí fóònù bá wo àwòrán tí kò sọ nǹkan kan, àwòrán ló ní àbùkù. Àpótí ńlá mẹ́ta ló wà ní igun mẹ́ta kóòdù. Àwọn ni fóònù fi ń mọ ibi tí kóòdù wà àti ibi tó dorí kọ. Kóòdù QR ní àtúnṣe nínú ara rẹ̀: bó bá bàjẹ́ díẹ̀, láti nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 títí dé bí 30 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, fóònù ṣì lè kà á. Àmọ́ àtúnṣe yẹn ò kan àpótí mẹ́ta yẹn. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan nínú wọn kúrò, ó ṣòro kí áàpù tó rí kóòdù rárá. Ààyè funfun tó yí kóòdù ká náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó yẹ kó fẹ̀ tó àpótí kékeré 4. Ẹni tó gé sikirínṣọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ etí kóòdù gbàgbàgbà ti gé e kúrò nìyẹn. Bí ojú fóònù onílé bá sì jẹ́ dúdú, tí kóòdù wá funfun lórí dúdú, àwọn áàpù kan ò ní kà á títí tí a ó fi yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ìlà ọ̀rọ̀ tiwa yìí kò ju lẹ́tà àti àmì 48 lọ, ó sì lè wọ inú kóòdù tó jẹ́ àpótí 29 ní gígùn, 29 ní ìbú. Nítorí náà sikirínṣọ́ọ̀tì kì í sábà bàjẹ́ bí Wátsáàpù bá tilẹ̀ fún un pọ̀ kó lè kéré. Fọ́tò ló ń ṣòro: ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà, tó ya kóòdù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri òdìkejì. Kóòdù á kéré nínú fọ́tò, Wátsáàpù á tún fún un pọ̀ kó kéré sí i, àpótí á wá lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kí onítọ̀hún sún mọ́ ọn yà, tàbí kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, nítorí Wátsáàpù kì í fún fáìlì pọ̀.

Bó bá jẹ́ pé orúkọ Wáífáì jáde ṣùgbọ́n fóònù ò wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí àwòrán. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n ya sikirínṣọ́ọ̀tì, fóònù á ṣì máa ka kóòdù àtijọ́ dáadáa, ráútà ni kò ní gbà á. Bó bá sì ní òun ò rí Wáífáì yẹn, ó ṣeé ṣe kí a jìnnà sí i, tàbí kí ráútà máa gbé ìgbì 5 GHz nìkan jáde, tí fóònù wa ò sì mọ ju 2.4 GHz lọ. Èèyàn lè jókòó sí Abẹ́òkúta kó ka kóòdù ilé Ìbàdàn. Wíwọlé ni kò ní ṣeé ṣe títí yóò fi dé ibi tí ìgbì náà dé.

Ọ̀nà kan kù tí mi ò fẹ́: àwọn ojú-ewé tó ní ká gbé àwòrán wá káwọn bá wa kà á. Wọ́n á kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Wáífáì ilé ẹlòmíì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ni a gbé fún ẹni tí a ò mọ̀ yẹn, ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ náà ni sikirínṣọ́ọ̀tì tó bá bọ́ sínú gúrúùpù ẹbí: ẹnikẹ́ni tó bá fi pamọ́ níbẹ̀ ti ní páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́, títí di ọjọ́ tí onílé bá pààrọ̀ rẹ̀ lórí ráútà.