Ìsọ̀rí wo ni máàkì 49.5 wà? Bí FREQUENCY àti COUNTIFS ṣe ń ka máàkì

Àtẹ iye-ìgbà ni àtẹ tí ó ń fi iye akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì wọn bọ́ sínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan hàn. Kíkà kò ni Excel lára rárá. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń wọ́ ni ààlà tí ó wà láàárín ìsọ̀rí kan àti èkejì, nítorí pé ojú tí COUNTIFS fi ń wo ààlà kọ́ ni FREQUENCY fi ń wò ó.

Ká sọ pé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 20 wà láti B2 dé B21, tí a sì tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù:

```
38  45  49.5  50  52  55  57  58  60  60
61  64  66  67  69.5  70  73  78  84  91
```

Láti 38 dé 91 jẹ́ 53. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ìsọ̀rí kan yóò fẹ̀ tó nǹkan bíi 9, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 38 tí èyí tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ láti 47 yóò ṣòro kà fún ẹnikẹ́ni. Ó sàn kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti 30, ìsọ̀rí yóò wá di méje. Bí wọ́n bá pọ̀ ju èyí lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ogún péré, púpọ̀ nínú wọn yóò ṣófo. Bí wọ́n bá sì jẹ́ mẹ́ta, a kò ní mọ ibi tí máàkì pọ̀ sí.

Nínú COUNTIFS, a ó kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí sínú òpó D, a ó sì kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí tó kàn sínú òpó E. D2 yóò jẹ́ 30, E2 yóò jẹ́ 40, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé D8 tí í ṣe 90. E8 ni kí a kọ 101 sí, kí ẹni tó bá gba 100 má baà ṣubú síta. Fọ́múlà tí a ó kọ sínú F2, tí a ó sì fà sísàlẹ̀, nìyí:

```
=COUNTIFS($B$2:$B$21,">="&D2,$B$2:$B$21,"<"&E2)
```

Yóò fún wa ní 1, 2, 5, 7, 3, 1, 1, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 20. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ìsọ̀rí bíi 40 sí 49 àti 50 sí 59, wọ́n á sì lo `"<="` fún òpin rẹ̀. Nígbà náà, 49.5 kò sí nínú ìkíní, kò sí nínú ìkejì. Bákan náà ni 69.5. Àpapọ̀ yóò di 18, ìyẹn ni yóò sì tú àṣírí náà.

FREQUENCY ní tirẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ síta. Òpin ìsọ̀rí nìkan ni a ń fún un, ká sọ pé láti H2 dé H8, yóò sì ka gbogbo máàkì tí kò ju òpin náà lọ ṣùgbọ́n tí ó ju òpin tó ṣáájú rẹ̀ lọ:

```
=FREQUENCY(B2:B21,H2:H8)
```

Bí a bá kọ 39, 49, 59, 69, 79, 89 àti 100 sínú òpó H, 49.5 yóò sá lọ bá àwọn 50, 69.5 yóò sì lọ bá àwọn 70. Èsì yóò di 1, 1, 6, 6, 4, 1, 1. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 20, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ta wá lólobó. Èyí ni mo fi ka àṣìṣe yìí sí èyí tó léwu jù. Bí a bá sì kọ 40, 50, 60, ẹni tó gba 50 gan-an ni yóò já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Ohun tó yẹ ni 39.99, 49.99, 59.99 títí dé 89.99, kí ìgbẹ̀yìn jẹ́ 100, níwọ̀n ìgbà tí máàkì kò bá ní ju nọ́ńbà kan lọ lẹ́yìn ààmì dẹ́símà. Èsì rẹ̀ yóò wá bá ti COUNTIFS mu.

Àpótí mẹ́jọ ni FREQUENCY máa ń kún fún òpin méje. Ìkẹjọ jẹ́ ti máàkì tó ju 100 lọ. Bí kò bá jẹ́ òdo, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ 510 dípò 51. Nínú Excel àtijọ́, a ní láti yan àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká tó kọ fọ́múlà, ká sì tẹ Ctrl+Shift+Enter. Excel 365 ń tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi bí nǹkan bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi gbé `#SPILL!` jáde.

Máàkì tí Excel kà sí ọ̀rọ̀ dípò nọ́ńbà, tí ó sábà máa ń fara ti apá òsì àpótí, ni àwọn méjèèjì máa ń fò. Bí `=COUNT(B2:B21)` bá fún wa ní 19, tí `=COUNTA(B2:B21)` sì fún wa ní 20, ọ̀kan ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn: yálà máàkì ni, tí a ó fi Convert to Number tún ṣe, tàbí ABS tí a kọ fún ẹni tí kò wá ṣe ìdánwò, èyí tí ó tọ́ kí ó wà níta àtẹ.